Ìwé fìsíbílítì ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ wa ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Abala wo ni ká yẹ̀ wò dáadáa ká tó dìbò?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí á máa sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun funfun, èyí táwọn oníbúrẹ́dì àti oníbisikíìtì ń pò mọ́ ti wíìtì. A gba kọnsọ́tánǹtì kan, ó ṣe ìwé fìsíbílítì fún wa, ojú ewé 64. Abala ọjà wà níbẹ̀, abala ẹ̀gẹ́ tá a máa rà wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ, ti òṣìṣẹ́, ti àyíká, ti owó, ó wá parí ẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, ó sì máa mówó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká dìbò. Èmi ni akọ̀wé, gbogbo ojú ló ń wò mí, mi ò sì mọ ibi tí màá ti dìwé yìí mú.

Ní ṣókí, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ á máa lo tọ́ọ̀nù 10 ẹ̀gẹ́ lóòjọ́, ọjọ́ 300 lọ́dún, ìyẹn tọ́ọ̀nù 3,000. Nínú 100 kílò ẹ̀gẹ́, wọ́n ní a máa rí 25 kílò ìyẹ̀fun. Mi ò fẹ́ kọ owó wa síta, torí náà mo sọ owó tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan di 100, mo wá fi ìyẹn díwọ̀n gbogbo ìyókù: tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan á lọ ní 750, epo, iná, àpò, owó àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ àti ọkọ̀ á jẹ 180 lórí tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan, nígbà tí owó tá a gbọ́dọ̀ san lọ́dún bóyá a ṣiṣẹ́ ni o tàbí a ò ṣe, ẹ̀yáwó, owó oṣù, ọdẹ, àtúnṣe, jẹ́ 60,000. Wọ́n ní èrè ọdún kan á jẹ́ 67,500. Abala owó nìkan gba ojú ewé 22, abala ẹ̀gẹ́ gba ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ibo ni kí n wò?

Bàbá Alágbada

Àbúrò, kí lẹ ń fi ìwé ojú ewé 64 ṣe? Ẹ ra ẹ̀rọ ìlọ̀ kan, jáákì méjì, agbada mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yan gaàrí. Bẹ́ẹ̀ làwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àfi irin tí wọ́n lu ihò sí tó ń ha ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń dà mí láàmú, láàárín oṣù mélòó kan ó ti kú, ẹni tó bá mọ èyí tó ń pẹ́ kó bá mi sọ ọ́ síbí o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé sà. Ìyẹ̀fun ni o sà, kì í ṣe gaàrí.

Ọjà Lolórí

Abala ọjà ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Tí kò bá sẹ́ni tó máa rà á, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Wo bóyá orúkọ àwọn tó fẹ́ rà wà níbẹ̀, kì í ṣe "àwọn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì pọ̀ ní ìlú". Pípọ̀ wọn ò kàn wá. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti kọ pé ọjà wà torí pé ìlú ń lo ìyẹ̀fun wíìtì báyìí báyìí lọ́dún, tá a bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ẹ̀ ó ti tó wa. Ta ló fẹ́ fún yín ní ìdá mẹ́wàá yẹn?

Ohun tí o máa bi oníbúrẹ́dì gangan ni pé, irú èwo ló fẹ́? Wọ́n á sọ pé ó gbọ́dọ̀ funfun, kò gbọ́dọ̀ kan lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ rùn bí fùfú, omi inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju pásẹ́ǹtì 12 lọ, ẹlòmíì á tiẹ̀ sọ pé 10. Tí ẹ̀gẹ́ bá ti sùn mọ́jú nínú ọgbà kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, oníbúrẹ́dì á dá a padà. Kó tún sọ fún ẹ pé nígbà tí wíìtì bá wálẹ̀ lọ́jà, ṣé á ṣì máa ra tiyín? Èyí tó pọ̀ nínú wọn torí pé ó dínwó ju wíìtì lọ ni wọ́n fi ń rà á, ọjọ́ tí ò bá dínwó mọ́ wọ́n ti lọ.

Ìyá Oníyẹ̀fun

Ọjà Lolórí ò parọ́, ṣùgbọ́n mo ti ń ṣe ìyẹ̀fun yìí tipẹ́, mi ò sì rí ilé iṣẹ́ púpọ̀ tó kú nítorí pé wọn ò rẹ́ni rà á. Àìrí ẹ̀gẹ́ ló ń pa wọ́n, ẹ̀gẹ́ tó dáa, ní iye tí ìwé wọn sọ. Akọ̀wé, o ti fúnra ẹ sọ ohun tó ń ṣe ìwé yẹn, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ojú ewé 22 tó wà ní abala owó, orí ojú ewé kan àti ààbọ̀ yẹn ló dúró sí.

Jẹ́ ká mú nọ́ńbà kan péré, pásẹ́ǹtì 25 yẹn. Bi kọnsọ́tánǹtì yín pé níbo ló ti rí i. Ṣé ó lọ ẹ̀gẹ́ àgbègbè yín, ó sì wọ̀n ọ́n ni, àbí ó wò ó nínú ìwé? Torí tèmi rèé. Tí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan bá wọlé, 1,000 kílò, àwọn tó ń bó o á mú èèpo àti ìdí àti orí ẹ̀ kúrò, tí ọwọ́ wọn ò bá yá 250 kílò ti lọ. Ó ku 750. Nínú 750 yẹn omi ló pọ̀ jù, ohun tó máa di ìyẹ̀fun lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò, tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ tó gbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á jẹ́ bíi pásẹ́ǹtì 32, ìyẹn 240 kílò. Díẹ̀ á bá omi tí jáákì ń fún jáde lọ, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, okùn inú ẹ̀ á dúró sórí asẹ́, ní ọ̀dọ̀ mi bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ báyẹn. Ó ku 197. Ìyẹ̀fun tó gbẹ náà ṣì ní omi pásẹ́ǹtì 10 nínú, torí náà ohun tí màá kó sínú àpò jẹ́ bíi 219 kílò. Ìyẹn ni pásẹ́ǹtì 22, kì í ṣe 25, ọjọ́ tó dáa sì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ẹ̀gẹ́ ń yọ ewé tuntun, inú iṣu ló ti ń kó oúnjẹ tó fi ń yọ ewé yẹn. Ẹ bẹ ẹ wò nígbà yẹn, omi lásán ni. Pásẹ́ǹtì 32 yẹn á já sí 26. Ṣe ìṣirò kan náà fún un: 750 ẹ̀ di 195, lẹ́yìn òfò ó di 160, nínú àpò ó di 178 kílò. Pásẹ́ǹtì 18. Owó kan náà lo san fún tọ́ọ̀nù náà o, torí òṣùwọ̀n lo fi rà á, àgbẹ̀ ò sì ní bá ẹ dín in nítorí pé omi pọ̀ nínú ẹ̀.

Aṣèṣirò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ irú ìwé yìí, kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bú wa tán 😄. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń parọ́, ẹni tó bá fún wa níṣẹ́ ló sábà máa ń fẹ́ ìwé tí báńkì máa gbà. Kò sẹ́ni tó sanwó kí wọ́n bá òun kọ ọ́ pé kóun má ṣe é.

Mo fi nọ́ńbà Màmá sínú ìṣirò Akọ̀wé. Tó bá jẹ́ 25, tọ́ọ̀nù mẹ́rin ẹ̀gẹ́ ló ń di tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan, ẹ̀gẹ́ ẹ̀ jẹ́ 400, fi 180 kún un, ó ku 170 nínú 750. Ìyẹn ló fi jọ pé ayé dáa, torí tọ́ọ̀nù 353 ìyẹ̀fun ti tó láti san 60,000 yẹn, kò tiẹ̀ tó ìdajì iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe. Tó bá di 22, ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan di 455, ó ku 115. Ní báyìí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tọ́ọ̀nù 522 kẹ́ ẹ tó padà sí òdo, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tó lé ní tọ́ọ̀nù 2,370, ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ kún tó pásẹ́ǹtì 79 kẹ́ ẹ má bàa jẹ gbèsè. Tí ẹ bá kún un pátápátá èrè yín jẹ́ 15,900, kì í ṣe 67,500. Tó bá di 18, ẹ̀gẹ́ ẹ̀ di 556, ó ku 14 péré lórí tọ́ọ̀nù kan. 14 ò lè san 60,000 láéláé, tọ́ọ̀nù tó lé ní 4,000 ni ẹ máa ṣe, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yín lè ṣe lọ́dún nígbà yẹn ò ju 540 lọ.

Kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà o. Ọjà wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ wà bẹ́ẹ̀, owó oṣù wà bẹ́ẹ̀.

Hẹ́kítà Ọgọ́rùn-ún

Gbogbo èyí ò ju pé kí wọ́n ní oko tiwọn lọ. Tí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ tiyín, àgbẹ̀ kankan ò lè yí yín. Ẹ sì ra ẹ̀rọ tó tóbi, tọ́ọ̀nù 20 lóòjọ́, torí bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni owó orí tọ́ọ̀nù kan ṣe ń kéré. Ìyẹn ò ní kọnsọ́tánǹtì nínú.

Ìyá Oníyẹ̀fun

Hẹ́kítà, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ ló tọ̀nà. Tí ẹ̀rọ bá kún, lóòótọ́ owó orí tọ́ọ̀nù kan á wálẹ̀. Tí kò bá kún ńkọ́? Ẹ̀yáwó ẹ̀rọ ńlá ò ń sùn. Ẹni tí ò lè rí tọ́ọ̀nù 10 lóòjọ́ lo fẹ́ kó lọ wá 20.

Ní ti oko, ó dáa, mo ní tèmi, àmọ́ jẹ́ kó wọ inú ìwé. Ibi tí àgbẹ̀ ò ti lo ajílẹ̀ tí irúgbìn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dáa, tọ́ọ̀nù 12 lórí hẹ́kítà kan dáa. Tọ́ọ̀nù 3,000 á jẹ́ hẹ́kítà 250 tí ẹ máa wú lọ́dún kan. Ẹni tó bọ́ oko ẹ̀ dáadáa lè rí 20 tàbí 25, hẹ́kítà á dín, ṣùgbọ́n owó ajílẹ̀ àti ìroko á gòkè. Ẹ̀gẹ́ sì ń lo ọdún kan sí oṣù 18 nínú ilẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹ máa gbìn ín, ẹ máa ro ó, ẹ máa sanwó fún un fún ọdún kan gbáko kí ẹ̀rọ tó rí ẹ̀gẹ́ kan lò. Owó yẹn kò sí nínú ìwé Akọ̀wé, mo dá a mọ̀ láìrí i. Ohun tí mo ń ṣe ni pé oko tèmi ń bọ́ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ mi, ìyẹn ni mò ń wú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ bá kùnà.

Ilé Ẹ̀rọ Tó Sùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún. Ọ̀dọ̀ wa náà kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní agbègbè wa. Lóòótọ́ ló pọ̀. Tó o bá ń wakọ̀ lọ, ọ̀tún ẹ̀gẹ́, òsì ẹ̀gẹ́. Ohun tí kò sẹ́ni tó bi wá ni pé ta ló ti ń ra ẹ̀gẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀? Kò sí ẹ̀gẹ́ tí kò lólówó. Àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí máa ń dé inú oko pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n á san án kí wọ́n tó wú u, wọ́n tiẹ̀ máa ń kó àwọn tó máa wú u wá. Àwa ní kí àgbẹ̀ gbé e wá sí ilé iṣẹ́, ká wọ̀n ọ́n, kó padà wá gbowó lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ta ló máa tà á fún ọ?

Oṣù àkọ́kọ́ a rí tọ́ọ̀nù mẹ́fà lóòjọ́, torí gbogbo èèyàn fẹ́ wá wo ilé iṣẹ́ tuntun. Oṣù kẹrin ó di méjì. A wá fi owó kún un láti fi fà wọ́n mọ́ra, àwọn onígaàrí náà fi kún tiwọn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbogbo ẹ̀gẹ́ agbègbè ti wọ́n. Ilé iṣẹ́ tuntun, òun fúnra ẹ̀ ni ń gbé owó ẹ̀gẹ́ gòkè, kò sì sí níbìkan nínú ìwé wa. Dráyà tá a rà láti máa mú ẹ̀gẹ́ gbẹ ṣì wà níbẹ̀, aláǹtakùn ti ta òwú bo ẹnu ẹ̀, ọdẹ kan ló ń sùn síbẹ̀ tá à ń sanwó oṣù fún.

Aṣèṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ni kí Akọ̀wé fi dán ìwé ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi í sí 22 tó dáa, ká wá ní ẹ̀gẹ́ wọ́n láti 100 dé 125. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan di 568, fi 180 kún un, ó ku 2. Tó bá dé 130, gbogbo àpò tẹ́ ẹ bá gbé jáde ẹ̀ ń pàdánù lórí ẹ̀, ìyẹn kẹ́ ẹ má tíì mẹ́nu ba 60,000. Láàárín ọdún kan sí èkejì, mi ò rò pé mo rí ibi tí owó ẹ̀gẹ́ ò ti lè yí ju ìdá mẹ́rin lọ.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí kọnsọ́tánǹtì lọ béèrè owó ẹ̀gẹ́. Tó bá jẹ́ ọdún tí ẹ̀gẹ́ kún ọjà ló lọ, tí kò níye lórí, àwọn àgbẹ̀ á dín gbíngbìn kù lọ́dún yẹn. Kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀yáwó, kẹ́ ẹ kọ́lé, kí ẹ̀rọ dé, ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gẹ́ tí wọn ò gbìn yẹn máa wọ́n. Ìgbà tó pọ̀ lẹ́ ẹ fi ṣírò, ìgbà tó wọ́n lẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjà Lolórí

Mo gbà fún yín lórí ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí ọjà. Tí oníbúrẹ́dì bá lè san 850 dípò 750, gbogbo ìṣirò yín yí padà. Owó ẹ̀gẹ́ tó ń gòkè, ṣé owó ìyẹ̀fun ò lè bá a gòkè ni?

Ìyá Oníyẹ̀fun

Ìwọ lo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ o, pé torí ó dínwó ju wíìtì ni wọ́n fi ń rà á. Wíìtì ló ń dé ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lórí. Tí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, wíìtì ò mọ̀. Gaàrí ni owó ẹ̀ ń bá ẹ̀gẹ́ gòkè, ìdí nìyẹn táwọn onígaàrí fi lè san ju tiwa lọ.

Ọjà Lolórí

Hmm. Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù ló ń rà á ńkọ́, àwọn tó ń fi ṣe páálí? Àwọn yẹn ò fi wíìtì wé e. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ti oníbúrẹ́dì rí bẹ́ẹ̀.

Jáákì àti Dráyà

Abala ẹ̀rọ ni tèmi, ẹ má bínú pé mo pẹ́. 180 tí Akọ̀wé kọ yẹn, epo dráyà ló máa pọ̀ jù nínú ẹ̀. Akọ̀wé, wò ó bóyá wọ́n kọ iye omi tó máa kù nínú ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá ti fi jáákì tẹ̀ ẹ́ tán. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó kọ iye epo yẹn kàn fọwọ́ kọ ọ́ ni.

Ìdí ẹ̀ rèé. Tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan tó gbẹ dé pásẹ́ǹtì 10, ojúlówó inú ẹ̀ jẹ́ 900 kílò. Tí ẹ̀gẹ́ tó ń ti abẹ́ jáákì bọ̀ bá ṣì jẹ́ ìdajì omi, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 1,800 kílò, dráyà gbọ́dọ̀ lé 800 kílò omi jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó kù sí 45, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 1,636, 636 kílò ló kù láti lé. Pásẹ́ǹtì márùn-ún péré lábẹ́ jáákì, ìdá kan nínú márùn-ún epo lẹ ti fi pamọ́. Pẹ̀lú dráyà tó dáa díẹ̀, ó máa ń jẹ nǹkan bíi lítà 90 dísẹ́ẹ̀lì fún tàkọ́kọ́, 70 fún ìkejì, dráyà burúkú lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ra dráyà olówó ńlá, wọ́n wá fi ọwọ́ ń fún ẹ̀gẹ́ nínú àpò torí owó ò kù fún jáákì tó lágbára. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi dísẹ́ẹ̀lì hó omi tí irin lè fún jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó ṣe máa yé yín láìsí ẹ̀rọ: ẹ bu ẹ̀gẹ́ tó ti jáákì bọ̀, ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀ gírí, kẹ́ ẹ wá fi ìka kàn án. Tó bá túká bí iyẹ̀pẹ̀ ó dáa. Tó bá di òkìtì tó ń mú ọwọ́ tutù, ó ṣì kù.

Hẹ́kítà Ọgọ́rùn-ún

Kí wọ́n sá a sóòrùn. Oòrùn ò gba owó.

Jáákì àti Dráyà

Tọ́ọ̀nù méjì ìyẹ̀fun lóòjọ́ lórí tapólì? Fojú bù ú wò. Ìgbà òjò ńkọ́? Tí kò bá gbẹ lọ́jọ́ náà á kan, Ọjà Lolórí ti sọ ohun tí oníbúrẹ́dì á ṣe. Fún àpò mẹ́wàá, oòrùn dáa.

Ìsàlẹ̀ Odò

Abala àyíká o, ẹ ò sọ nǹkan kan. Omi tó ń ti abẹ́ jáákì jáde ní oró ẹ̀gẹ́ nínú, ó sì kan. Ilé iṣẹ́ kan lókè wa da tiẹ̀ sí odò, ẹja léfòó lórí omi láàárọ̀ kejì, gbogbo ìlú lọ ti ẹnu ọ̀nà wọn pa. Kí wọ́n kọ ibi tí omi yẹn máa lọ àti owó kòtò tí á gbà á. Lórí tọ́ọ̀nù 10 lóòjọ́, tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ èèpo náà wà níbẹ̀, ẹ ní ẹni tó máa kó o fún ewúrẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò gba ọjọ́ méjì kó tó máa rùn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pe kọnsọ́tánǹtì. Ó ní pásẹ́ǹtì 25 yẹn, "ohun tí gbogbo èèyàn ń lò" ni. Wọn ò lọ ẹ̀gẹ́ kankan. Iye omi tó kù lábẹ́ jáákì, kò sí níbẹ̀ rárá. Owó ẹ̀gẹ́, ìgbà tó kún ọjà ní ọdún tó kọjá ló béèrè ẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ tiwa jẹ́ 32 àbí 26 láìsí lábú?

Ìyá Oníyẹ̀fun

Ọmọ mi, wá òṣùwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹran, èyí tó ń fi gíráàmù hàn dáadáa, kó o wá gárawá ńlá kan àti àpò oníhò. Fọ ẹ̀gẹ́ náà, má bó o, gé ìdí ẹ̀ kúrò, wọn kílò márùn-ún gééré. Kó o wá so àpò náà mọ́ òṣùwọ̀n, jẹ́ kí gbogbo ẹ̀gẹ́ rì sínú omi láìfara kan ìsàlẹ̀, ka ohun tó wọ̀n nínú omi. Àpò náà fúnra ẹ̀ tún máa wọ̀n nínú omi, yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gẹ́ tó bá gbó wúwo nínú omi, èyí tó jẹ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa léfòó. Ìṣirò tí wọ́n ń lò nìyí, A ni ìwọ̀n ní òfúrufú, O ni ìwọ̀n nínú omi:

```
158.3 × (A ÷ (A − O)) − 142
```

Tó bá wọn 450 gíráàmù nínú omi, ó jẹ́ 32. Tó bá wọn 300, ó jẹ́ 26. Má ṣe é lórí oko kan ṣoṣo, ṣe é fún oko mẹ́wàá, kó o kọ oṣù tí wọ́n gbìn ín.

Aṣèṣirò

Ìṣirò yẹn ò péye lórí gbogbo irú ẹ̀gẹ́ o Màmá, ó lè fi pásẹ́ǹtì kan tàbí méjì yí.

Ìyá Oníyẹ̀fun

Mo mọ̀. Ó sàn ju "ohun tí gbogbo èèyàn ń lò" lọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é. Oko mọ́kànlá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí láti bí oṣù kan. Ẹ̀gẹ́ méje nínú wọn wà láàárín 290 sí 330 gíráàmù. Mẹ́ta wà ní 400 sí 420. Oko kan péré ló dé 460, ti bàbá kan tó gbin irú tuntun tí wọ́n fún un, ó sì ti lo oṣù 15. Èmi àti ọmọ mi la jọ ń so àpò, omi rin gbogbo ara wa.

Mo tún jókòó sí oríta tí ọ̀nà oko méjì ti pàdé, ọjọ́ mẹ́fà, láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Mo ka pikọ́ọ̀pù àti alùpùpù tó ń kó ẹ̀gẹ́ kọjá, mo sì ń béèrè ibi tó ń lọ. Tọ́ọ̀nù 14 sí 17 lóòjọ́ ni mo fojú díwọ̀n. Gbogbo ẹ̀, àfi ọkọ̀ méjì, àwọn onígaàrí ti sanwó ẹ̀ kí wọ́n tó wú u. Tọ́ọ̀nù 10 tí ìwé wa fẹ́, nínú ẹnu wọn la ti fẹ́ já a.

Mo máa gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sún ìdìbò síwájú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń sọ pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́, pé a ti sanwó fún ìwé.

Ilé Ẹ̀rọ Tó Sùn

Ní kí wọ́n wá wo dráyà wa. Màá ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Aṣèṣirò

Kó o tó sún un, gbìyànjú tọ́ọ̀nù mẹ́ta lóòjọ́ wò, ẹ̀rọ kékeré, kẹ́ ẹ máa tì í ní oṣù méjì tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́. 60,000 yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an ni o, bóyá sí 12,000. Ìyẹn lè má pa yín.

Ìyá Oníyẹ̀fun

Mi ò gbà kẹ́ ẹ tì í. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n bó tó bá jókòó sílé oṣù méjì, kì í padà wá. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí.

Aṣèṣirò

Kí lẹ wá ń ṣe nígbà tó bá di 18?

Ìyá Oníyẹ̀fun

Mò ń pàdánù. Mo ti fi í sínú ìṣirò ọdún, oṣù mẹ́wàá ló ń gbé méjì. Akọ̀wé, oko tó wọn 460 yẹn, lọ bi bàbá yẹn bóyá ó ṣì ní igi ẹ̀gẹ́ tí á fi tọrẹ.